Bọ̀dá kan tí wọ́n ní Sátọ̀nì ló ń dá a dúró

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Oṣù Kejì 1992 ni wọ́n bí mi. Gbogbo nǹkan tí mo bá dáwọ́ lé ló máa ń pẹ́ kó tó bọ́ sí i, àwọn ẹgbẹ́ mi ti lọ síwájú. Áàpù ìwòràwọ̀ kan lórí fóònù mi sọ pé pílánẹ́ẹ̀tì Sátọ̀nì wà ní ilé kẹwàá mi, ẹnì kan sì ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ó dìgbà tí mo bá pé ọdún 36. Ṣé lóòótọ́ ni Sátọ̀nì lè dá èèyàn dúró báyìí? Ṣé ẹ ti rí ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí rí?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, mo ti rí i, kì í sì ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń yanjú kò rí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ káàkiri, tórí ẹ̀ jẹ́ kí n kúkú sọ ti bọ̀dá kan fún ẹ látòkèdélẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, òun náà sì mọ̀ pé mo máa ń sọ ìtàn yìí.

Ìparí 2016 ló wá bá mi. Ó ti pé ọmọ ọdún 27, iṣẹ́ àkítẹ́ẹ̀tì ló kọ́. Bébà kan wà lọ́wọ́ ẹ̀ tó ti fẹ́ẹ̀ já sí méjì níbi tó máa ń ká a sí, ṣáàtì ìbí ẹ̀ ni, ìyẹn àwòrán bí ojú ọ̀run ṣe rí nígbà tí wọ́n bí i, awòràwọ̀ kan ló yà á fún un ní bí ọdún méjì ṣáájú. Onítọ̀hún ti fi báírò pupa yí Sátọ̀nì ká, ó wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ gàdàgbà pé "ìdádúró títí di ọdún 36". Ó tún ní kó lọ ra òrùka olókùúta búlúù kó máa fi sí ìka àárín, tórí ìka àárín ni wọ́n kà sí ti Sátọ̀nì. Bọ̀dá yìí ra òrùka náà, ó wà lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ tó wá, nǹkan kan ò sì tíì yí padà.

Ohun tó ń dùn ún, ó yé mi. Ọdún kẹta ní yunifásítì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ní kó tún ọdún ṣe, 2010 nìyẹn. Ó parí ní 2013. Láti àárín 2013 títí tó fi wá bá mi, ọ́fíìsì mẹ́rin ló ti ṣiṣẹ́. Ó jókòó ìdánwò láìsẹ́ǹsì ní 2015, kò yege, ó tún jókòó ní 2016, kò yege. Àwọn tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì ti ń fi orúkọ ara wọn sábẹ́ pláànù, òun ṣì ń bá ẹlòmíì ya ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ó wò mí lójú, ó ní, "Àǹtí, ṣé wọ́n dè mí ni?"

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo bi í ò kan Sátọ̀nì rárá. Mo bi í pé aago mélòó ni wọ́n bí i, ta ló sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní aago méje alẹ́ ni, màmá òun ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ṣé màmá wo aago lọ́jọ́ náà. Ó ní rárá, àmọ́ màmá rántí pé wọ́n ti tan iná sí yàrá ìgbẹ̀bí. Mo ní kó lọ wá bébà ọsibítù wá. Inú bí i díẹ̀, ó ní èmi náà fẹ́ dá òun dúró bíi gbogbo èèyàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wá a kó tó rí i. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá 1989, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Oòrùn ò tíì wọ̀.

O lè ní kí ló wá kàn mí pẹ̀lú wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó kàn mí gan-an. Sátọ̀nì fúnra ẹ̀ kì í yára, bí ọdún 29 ààbọ̀ ló fi ń yí oòrùn ká lẹ́ẹ̀kan, ó sì máa ń lo bí ọdún méjì ààbọ̀ nínú àmì ìràwọ̀ kan ṣoṣo. Torí náà wákàtí kan ò lè sún un kúrò lójú kan. Yálà aago méje ni o àbí kó tó pé mẹ́fà, dìgírì kẹjọ nínú Kápíríkọ́ọ̀nù náà ló wà. Kódà gbogbo ọmọ tí wọ́n bí ní ọ̀sẹ̀ yẹn káàkiri ayé ló ní Sátọ̀nì níbẹ̀, pẹ̀lú Nẹ́ptúùnù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ àti Júpítà tó dojú kọ ọ́ láti inú Káńsà. Tó bá jẹ́ pé Sátọ̀nì nínú Kápíríkọ́ọ̀nù nìkan ti tó láti dá èèyàn dúró, a jẹ́ pé gbogbo wọn ló yẹ kó dúró, a sì mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ilé, ilé yẹn sì rèé, ọwọ́ aago ló wà.

Ilé méjìlá ló wà nínú ṣáàtì. Àmì ìràwọ̀ tó ń yọ lápá ìlà oòrùn ní ìṣẹ́jú tí wọ́n bí ẹ la máa fi ṣe ilé kìíní, a ó wá máa kà lọ. Àmì yẹn kì í dúró, bí ìṣẹ́jú mẹ́rin ló fi ń sún dìgírì kan, bí wákàtí méjì ló sì fi ń kúrò lórí àmì kan bọ́ sórí òmíì. Ní aago méje tí màmá sọ, Tọ́rọ́ọ̀sì ló ń yọ, tó o bá sì kà á láti orí Tọ́rọ́ọ̀sì, Kápíríkọ́ọ̀nù bọ́ sí ilé kẹsàn-án, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ gíga, ìrìn-àjò, ohun téèyàn gbà gbọ́. Ní aago tí bébà sọ, Éríìsì ló ń yọ, Kápíríkọ́ọ̀nù wá bọ́ sí ilé kẹwàá, ilé iṣẹ́ àti orúkọ, ohun tí aráyé fi ń mọ èèyàn. Ṣé o rí i báyìí? Ẹni tó ya ti àkọ́kọ́ ní ilé kẹsàn-án níwájú ẹ̀ tó fi ń sọ̀rọ̀ ìdádúró iṣẹ́. Ó kàn rí Sátọ̀nì ni, ló bá sọ ohun tí gbogbo ayé máa ń sọ nípa Sátọ̀nì. Pé ó bọ́ sí i, èèṣì ló fi bọ́ sí i, kì í ṣe pé ó kà á.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, nǹkan kan tún wà tí àwọn áàpù kì í sọ fún yín. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pín ilé yìí ò jọra. Èmi Whole Sign ni mò ń lò, ìyẹn ni àmì kan sí ilé kan, bí mo ṣe kà á lókè yìí. Ọ̀pọ̀ áàpù ló jẹ́ pé Placidus ni wọ́n fi sílẹ̀ láìbi ẹ́, tí mo bá sì fi Placidus ya ti bọ̀dá yìí, pẹ̀lú aago tó tọ̀nà náà, Sátọ̀nì ẹ̀ á padà sí ilé kẹsàn-án, lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé kẹwàá gẹ́lẹ́. Àwa awòràwọ̀ ti ń jà lórí èyí tipẹ́, a ò sì tíì jà á tán.

Ó dáa, ilé kẹwàá, Kápíríkọ́ọ̀nù. Láti ayé Tọ́lẹ́mì, onímọ̀ ìràwọ̀ àtijọ́ kan ní ọ̀rúndún kejì, ni wọ́n ti kọ ọ́ pé Sátọ̀nì ló ni Kápíríkọ́ọ̀nù. Torí náà Sátọ̀nì bọ̀dá yìí kì í ṣe aláìsàn, kì í ṣe àlejò, bàbá onílé tó jókòó nínú ilé ara ẹ̀ ni. Ọ̀sán sì ni wọ́n bí i, Sátọ̀nì wà lára àwọn tó fẹ́ràn ọ̀sán, wọ́n ní ọwọ́ ẹ̀ máa ń rọ̀ fún ọmọ tí wọ́n bí kí oòrùn tó wọ̀. Bàbá onílé bẹ́ẹ̀ kì í lé èèyàn. Ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ ni ayálégbé tó máa pẹ́, ẹni tí ò ní kó ẹrù jáde kí ọdún tó yípo. Ẹni tí wọ́n bí nígbà tí Éríìsì ń yọ ńkọ́? Máàsì ló ni Éríìsì, ẹni tí gbogbo nǹkan ẹ̀ jẹ́ kíá kíá. Tí o bá ní kí n fi gbólóhùn kan ka ṣáàtì yẹn, òun nìyẹn: ẹni tí ara ẹ̀ ò gba dídúró, tó wá jẹ́ pé ibi iṣẹ́ gan-an ni wọ́n ti ń fi dídúró sanwó.

Mi ò sọ ìyẹn fún un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo kọ́kọ́ ní kó kọ oṣù tó wọ ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan àti oṣù tó kúrò níbẹ̀. Ó kọ ọ́. Ti àkọ́kọ́, oṣù mẹ́jọ. Ìkejì, oṣù mẹ́rìnlá. Ìkẹta, oṣù mẹ́sàn-án. Ìkẹrin, oṣù mọ́kànlá. Mo ní kí ló dé tó fi kúrò ní ìkejì tó pẹ́ jù, ó ní wọn ò rí òun bí èèyàn níbẹ̀. Mo tún tọ́ ọ wò, ló bá yọ jáde pé ọ̀gá ibẹ̀ ti sọ fún un pé tó bá di oṣù kejì sígbà náà, òun ló máa mójú tó ilé ìwé kan tí wọ́n fẹ́ yà. Kò dúró dè é.

Ibi tó burú sí nìyí, kò sì ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ojú ọ̀run. Níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, kí èèyàn tó di àkítẹ́ẹ̀tì pátápátá ó gbọ́dọ̀ ní ìwé tí wọ́n ń kọ wákàtí iṣẹ́ ẹ̀ sí, ọ̀gá tó ní láìsẹ́ǹsì ló máa fọwọ́ sí i. Gbogbo ìgbà tí bọ̀dá yìí bá fi ìbínú kúrò, kì í gba ìbuwọ́lù. Àwọn wákàtí yẹn á ṣègbé. Oṣù méjìlélógójì ló ti fi ṣiṣẹ́, oṣù mẹ́jọ péré ló ní ìbuwọ́lù, ti ọ́fíìsì àkọ́kọ́ tó fi pẹ̀lẹ́tù kúrò níbẹ̀. Ìdánwò tó sì ń gbé e ṣubú, apá kan náà ló ń gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀mejèèjì, apá ọ̀rọ̀ kọ́ńtíráàkì àti bí wọ́n ṣe ń darí iṣẹ́ lójú sáìtì, ohun tó jẹ́ pé ẹni tó bá ilé kan dé òpin nìkan ló ń mọ̀ ọ́n dáadáa. Kò bá ilé kankan dé òpin rí.

Ìgbà yẹn ni mo tó wá sọ ti bàbá onílé fún un. Ó jà mí níyàn o. Ó ní ọ́fíìsì kẹrin jẹ òun lówó oṣù mẹ́ta, ṣé kóun dúró síbẹ̀ kí ebi pa òun ni. Mo gbà fún un, ìyẹn ò sí nínú ẹjọ́ tí mò ń rò. Mo ní àwọn mẹ́ta yòókù ńkọ́. Ó dákẹ́, ó gba bébà yẹn padà lọ́wọ́ mi, ó tún oṣù yẹn kà lójú ara ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ò bọ́ sí i náà, tórí àwa tá à ń ṣiṣẹ́ yìí máa ń fi í pamọ́. Bí ọdún méje méje ni Sátọ̀nì máa ń dé ibi tó ti bá ipò tó wà nígbà ìbí ṣe igun. Ti 2010 bọ́ sí i rẹ́gí, oṣù Kẹwàá ọdún yẹn Sátọ̀nì wà ní nǹkan bíi dìgírì kẹjọ nínú Líbrà, ọdún tí wọ́n ní kó tún ọdún ṣe náà nìyẹn. Àmọ́ ìdánwò 2015 àti 2016 tó dùn ún jù? Sátọ̀nì wà nínú Sajitéríọ́ọ̀sì fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún méjèèjì, kò fọwọ́ kan nǹkan kan tó jọ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Mo lè wá pílánẹ́ẹ̀tì míì dì í lẹ́rù ká ní mo fẹ́, nígbà tó o bá ní ohun mẹ́wàá tó ń yí lójú ọ̀run àti ilé méjìlá, kò sí ọjọ́ tó ò ní rí nǹkan kan. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1985, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Ṣọ́ọ̀nù Kálsìn dán àwọn awòràwọ̀ wò, ó fún wọn ní ṣáàtì ẹnì kan àti àkọsílẹ̀ ìwà èèyàn mẹ́ta, ó ní kí wọ́n mú ti ẹni tó ni ṣáàtì. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni wọ́n mú tọ̀nà, iye tí ẹni tó di ojú ẹ̀ náà lè mú. Mo mọ̀ nípa ẹ̀, mi ò sì jiyàn pẹ̀lú ẹ̀. Tí mo bá ń sọ pé Sátọ̀nì "ṣàlàyé" nǹkan kan, ohun tí mò ń sọ ni pé ó fún wa ní ọ̀nà tá a fi jókòó ti ọdún yẹn tá a sì kà á lóṣù lóṣù. Mi ò sọ pé ó nà ọwọ́ wá láti òkè.

Ìbẹ̀rẹ̀ 2017, ó wọ ọ́fíìsì karùn-ún. Mo ti sọ fún un pé Sátọ̀nì máa padà sójú ibi tó wà nígbà tí wọ́n bí i, a máa ń pe ìyẹn ní ìpadàbọ̀ Sátọ̀nì, pé ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì máa kọjá níbẹ̀ láàárín oṣù Kẹta àti oṣù Kejìlá 2018. Ìdí tó fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta ni pé tí a bá wò ó láti ayé yìí, bí oṣù mẹ́rin ààbọ̀ lọ́dọọdún ló máa ń dà bíi pé ó ń fi ẹ̀yìn rìn, á lọ, á padà, á tún lọ. Òun fúnra ẹ̀ ló bá ara ẹ̀ ṣe àdéhùn pé òun ò ní kúrò níbẹ̀ kí ìkẹta tó kọjá. Èmi ò tiẹ̀ sọ ọ́.

Oṣù Kẹta 2018 wọ́n fún un ní ilé kan kó máa darí yíyà ẹ̀. Nígbà tó máa fi di ìparí oṣù Karùn-ún, ẹni tó gbé iṣẹ́ ilé náà fún wọn yí ọkàn padà, wọ́n ní kí wọ́n tún gbogbo ẹ̀ yà láti ìpìlẹ̀. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ní òun ti kọ lẹ́tà pé òun ń lọ, ó kù kóun tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Mo ní kó ka oṣù fún mi. Ó ní mẹ́rìndínlógún. Mo ní ṣé o ti ṣe mẹ́rìndínlógún níbì kan rí? Ó bú sẹ́rìn-ín, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún, ṣá kò fi lẹ́tà náà ránṣẹ́. Oṣù Kejìlá wọ́n fọwọ́ sí pláànù yẹn, ọ̀gá fọwọ́ sí ìwé wákàtí ẹ̀, ó lé díẹ̀ lógún oṣù lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yege ìdánwò ní 2019, kò ì tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ṣé Sátọ̀nì ni? Mi ò lè fi ìdí ẹ̀ múlẹ̀ fún ẹ. Ohun tí mo rí ni pé ó dúró, kò sì dúró rí.

Ọ̀rọ̀ ọdún 36 wá ńkọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn awòràwọ̀ Íńdíà ni ìyẹn ti wá, àwọn ló ń sọ pé Sátọ̀nì máa ń gbó lára èèyàn ní ọdún 36. Mi ò bú wọn, ìmọ̀ tiwọn jinlẹ̀. Àmọ́ ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka àmì ìràwọ̀ yàtọ̀ sí tiwa, ìyàtọ̀ ẹ̀ sún mọ́ dìgírì 24. Lọ́dọ̀ wọn Sátọ̀nì bọ̀dá yìí ò tiẹ̀ sí nínú Kápíríkọ́ọ̀nù, Sajitéríọ́ọ̀sì ló bọ́ sí. Ẹni tó kọ "36" sórí bébà ẹ̀ ya ṣáàtì tiwa, ó wá lọ mú òfin àti òrùka tiwọn lé e lórí. Ó dà bí ẹni tó fi yáàdì wọn aṣọ tó wá fi ìbú ẹsẹ̀ gé e.

Tìẹ wàyí. Oṣù Kejì 1992, inú Àkúwéríọ́ọ̀sì ni Sátọ̀nì ẹ wà, gbogbo ẹgbẹ́ ẹ náà ló sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ. Ìpadàbọ̀ tìẹ ti kọjá ní 2021, ó pẹ́ tán ìbẹ̀rẹ̀ 2022, kò sí ohun tó ò ń dúró dè. O ò kọ wákàtí ìbí ẹ sínú ìbéèrè yìí, ìyẹn ló ń kọ mí lóminú. Wo inú áàpù yẹn dáadáa: tó bá jẹ́ pé 12:00 ló wà níbi aago, tó o sì mọ̀ pé ìwọ kọ́ lo kọ ọ́ síbẹ̀, áàpù ló fi ọ̀sán gangan dí àlàfo, a jẹ́ pé ilé kẹwàá yẹn kì í ṣe tìẹ. Tó bá jẹ́ ìwọ lo kọ ọ́, wá ibi tí wọ́n kọ House system sí, fi sí Whole Sign, kó o tún fi sí Placidus. Tí Sátọ̀nì bá kúrò ní ilé kẹwàá nínú ọ̀kan nínú méjèèjì, má fi gbogbo ara gbé e.

Kó o tó tún wo ṣáàtì kankan, mú bébà, kọ oṣù tó o bẹ̀rẹ̀ ohun kọ̀ọ̀kan tó pẹ́ ẹ lọ́wọ́ àti oṣù tó o fi í sílẹ̀ tàbí tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹ. Kọ ọ́ ṣáájú o, má kọ ọ́ lẹ́yìn, tórí tó o bá ti mọ ọjọ́ Sátọ̀nì tán, ìrántí ẹ á máa sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé o mọ̀. Fi bébà yẹn àti wákàtí tó wà lórí ìwé ìbí ẹ ránṣẹ́ sí mi, má fi ti ẹnu màmá ránṣẹ́. Màmá bọ̀dá yìí ṣì wà láyé, mo pàdé wọn ní ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí ilé tó fi orúkọ ara ẹ̀ yà, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé èmi ni mo sọ pé kó tó di aago mẹ́fà ni, wọ́n ní irọ́ ni o, aago méje ni, iná ti wà.